Eku Ń Pariwo, Iná Ń Jó Lábẹ́lẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì máa ń rò pé òmùgọ̀ ènìyàn nìkan ló lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò rí iná lórí òrùlé rẹ̀ tí yóò máa sáré tẹ̀lé eku kiri? Ìgbà tí mo di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ibafo ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an wà lára àwọn tó ń lé eku. Ohun tó tàn mí jẹ ni pé eku a máa pariwo, ṣùgbọ́n iná kan wà tí kì í pariwo rárá. Abẹ́lẹ̀ ló ti ń jó.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyí: báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tó ń kán ni lójú àti iṣẹ́ tó ṣe kókó? Bí méjèèjì bá sì dé lẹ́ẹ̀kan náà, èwo ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àkókò wa? N ò ní sọ̀rọ̀ lókèèrè. Ọ̀sẹ̀ kan péré ní ọ́fíìsì wa ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ilé ìwé ló ń forúkọ àwọn ọmọ ọdún kẹfà girama sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá tí gbogbo wa ń pè ní Wáẹ̀kì. Èmi ni mo máa ń tẹ orúkọ wọn sórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, fọ́tò àti àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ní ọdún kan, bí mo ṣe ń tẹ orúkọ lọ, ẹnìkan wọlé láti inú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àríyá ìparí ọdún. Ó ní kí n bá òun ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ètò àríyá náà. “Àǹtí, kíákíá ni o! Wọ́n ń dúró dè mí.” Mo dìde, mo ṣe é, mo sì padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó kàn jẹ́ ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọgbà. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ni wọ́n bí i. Mo tẹ oṣù sípò ọjọ́, mo tẹ ọjọ́ sípò oṣù, ó wá di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. N ò mọ̀. Nígbà tí wọ́n sì fún un ní ìwé kí ó yẹ orúkọ rẹ̀ wò kí ó fọwọ́ sí i, òun náà fọwọ́ sí i láì kà á dáadáa.

Ọmọ náà yege, ó sì rí ààyè ní yunifásítì. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wò ni wọ́n ti dá a dúró, nítorí pé ọjọ́ ìbí tó wà lára èsì ìdánwò rẹ̀ kò bá ti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ mu. Ọ̀sẹ̀ méje ni bàbá rẹ̀ fi ń sáré kiri láti tún un ṣe: ó búra ní kóòtù, ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ wa, ó san owó àtúnṣe, ó lọ sí Èkó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà tí ó wá sí ọ́fíìsì wa, kò pariwo lé mi lórí. Ohun tí ó sọ ni pé, “Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò mọwọ́ mẹsẹ̀.” Mo rántí ọjọ́ tí mo ṣe àṣìṣe náà. Mo rántí fọ́tòkọ́pì náà pẹ̀lú. Àríyá tí wọ́n ní kí n ṣe kíákíá fún ṣì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa ọ̀rọ̀ yìí, mo sì wá rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń bá fínra. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1954, Dwight Eisenhower, tó jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, bá àpéjọ kan sọ̀rọ̀ ní ìlú Evanston. Ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan tó ti jẹ́ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì rí pé oríṣi ìṣòro méjì ló wà, èyí tó ń kán ni lójú àti èyí tó ṣe kókó. Pé èyí tó ń kán ni lójú kò ṣe kókó, èyí tó ṣe kókó kì í sì í kán ni lójú láé. Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Bí ọmọ bá ṣubú nínú ọgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní orí rẹ̀, ìyẹn kán, ó sì ṣe kókó. Nítorí náà, kò yẹ kí a wo méjèèjì bí ọ̀sán àti òru tí kì í pàdé. Ìbéèrè méjì ni wọ́n jẹ́, ó sì yẹ kí a bi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìbéèrè kìíní ni pé: bí n kò bá ṣe é nísinsìnyí, ìgbà wo ni yóò bàjẹ́? Ìyẹn ni a fi ń mọ bí ó ṣe kán tó. Ìbéèrè kejì ni pé: bí ó bá bàjẹ́, kí ni yóò bàjẹ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀, ṣé ó sì ṣe é tún ṣe? Ìyẹn ni a fi ń mọ bí ó ṣe ṣe kókó tó. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí mo ti béèrè ẹni tó ń pariwo. Ariwo kò sí nínú ìbéèrè méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ariwo ni púpọ̀ nínú wa fi ń díwọ̀n iṣẹ́.

Ìdí wà tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Meng Zhu, Yang Yang àti Christopher Hsee, tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbé iṣẹ́ méjì síwájú àwọn ènìyàn pé kí wọ́n mú ọ̀kan. Èrè ọ̀kan kéré, èrè èkejì pọ̀ jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ó dà bíi pé àkókò èyí tí èrè rẹ̀ kéré máa tó tán, àwọn tó mú un pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà dáadáa fún wọn láti ṣe èyí tó lérè jù. Aago tó ń lọ nìkan ti tó láti fà wá. Ìgbà tí mo kà nípa ìwádìí yìí ni mo mọ̀ pé kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ tàbí aláìbìkítà. Ohun tó ń fa gbogbo ènìyàn ló fa èmi náà. Ṣùgbọ́n mímọ̀ yìí kò dá mi láre. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun máa ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀ ló yẹ kí ó wá ọ̀pá.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ bọ́ sí ọdún tó tẹ̀lé e. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló fẹ́ ṣe ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a ti orúkọ pa. Mo pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, n ó gbé ìwé mẹ́rin ọmọ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ kí n tó tẹ orúkọ rẹ̀: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, èsì ìdánwò girama kékeré, àti rẹ́jísítà ilé ìwé. Orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà, ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bára mu, kí ipò orúkọ bàbá má sì yí padà.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé eré ni. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá mọ bí orúkọ wa ṣe ń rí bí wọ́n bá bọ́ àmì rẹ̀ kúrò. Ṣọlá lè di Sola níbì kan, kí ó di Shola níbòmíràn. Ọmọ tó ń jẹ́ Olúwaṣeun nínú ìwé ọjọ́ ìbí lè jẹ́ Seun lásán nínú rẹ́jísítà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ pè é lọ́jọ́ tí ó mú un wá sílé ìwé. Etí wa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Sola àti Shola jẹ́ ènìyàn méjì lójú rẹ̀. Bí a bá sì rí àṣìṣe, kì í ṣe ohun tí a lè tún ṣe lọ́jọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ inú ìwé ìdánimọ̀ ni àṣìṣe náà wà, òbí gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe é, kí ó kó ìwé ẹ̀rí lọ, kí ó san owó, kí ó sì dúró. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi ṣe iyebíye. Àṣìṣe tí a bá rí lónìí, ìrìn àjò kan ni. Èyí tí a bá rí lẹ́yìn ìdánwò, ọ̀sẹ̀ méje ni, mo sì ti rí i lójú mi.

Mo ṣírò rẹ̀. Ọmọ kan ń gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta yóò gba wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì. Bí mo bá fi wákàtí kan sílẹ̀ fún un lójoojúmọ́, yóò parí láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ fún ara mi pé n ó ṣe é bí mo bá ti ráyè. Mo fi pẹ́ńsù ṣe àmì sórí ìwé nígbàkígbà tí ẹnìkan bá dá mi dúró. Òbí ń béèrè rìsíìtì. Tíṣà fẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé pè pé ọkọ̀ há lórí afárá gígùn tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí n pe àwọn òbí. Jẹnẹrétọ̀ kú, kò jí mọ́. Ẹni tó ń ta aṣọ ìdárayá dé. Fóònù ń dún. Nígbà tí ọmọ ìwé jáde, àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí ìwé mi. Orúkọ tí mo yẹ̀ wò kò pé ọ̀kan. Ó rẹ̀ mí bí ẹni tó roko láti àárọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ìbéèrè méjì mi yẹ àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn wò. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kán, ó sì ṣe kókó, nítorí pé òbí tí kò rí ọmọ rẹ̀ lákòókò yóò dààmú. Rìsíìtì ṣe pàtàkì sí ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n agogo mọ́kànlá kò ní bà á jẹ́. Ṣọ́ọ̀kì kán nítorí pé mi ò kó o sí yàrá àwọn tíṣà láti ọjọ́ Ajé. Aṣọ ìdárayá kò kán, kò sì ṣe kókó. Olówò náà ló ń kánjú. Ní ti òótọ́, mẹ́ta péré nínú gbogbo rẹ̀ ni kò lè dúró fún wákàtí kan.

Jẹnẹrétọ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbàkígbà tó bá kú ni a sì máa ń sáré pe mẹkáníìkì bí ẹni pé òjijì ló dé bá wa. Púpọ̀ nínú ìwé ìlànà àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún wákàtí. Tiwa ń ṣiṣẹ́ wákàtí márùn-ún lójúmọ́. Ogún ọjọ́ ìwé ni ọgọ́rùn-ún wákàtí, ìyẹn bí oṣù kan. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Púpọ̀ nínú ohun tó ń pariwo mọ́ wa lónìí, iṣẹ́ jẹ́jẹ́ tí a kò ṣe lóṣù tó kọjá ni. Ọ́ìlì kì í pe ènìyàn lórí fóònù. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú ló ń pe ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ya agogo mẹ́wàá sí mọ́kànlá sọ́tọ̀. N ò mú òwúrọ̀, nítorí pé òwúrọ̀ ni àwọn òbí máa ń wá kí wọ́n tó lọ sí ibi iṣẹ́. Ní agogo mẹ́wàá, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, ọgbà sì máa ń dákẹ́. Bí ẹnìkan bá wọlé, n ò lé e. Mo máa ń bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó lè dúró di agogo mọ́kànlá?” Ẹnu yà mí sí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń dáhùn pé, “Kò burú, n ó padà wá.” Orúkọ mẹ́jọ ni mo yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀gá wa fúnra wọn ló wọlé pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí pé ọmọ iṣẹ́ kì í pa ọ̀gá rẹ̀ tì. Ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn lórí àkókò ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ni ọ̀gá ara rẹ̀. Mo dìde, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Orúkọ àwọn ọmọ Wáẹ̀kì ni mo ń yẹ̀ wò lọ́wọ́. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ṣe lẹ́tà yìí ni, àbí kí n gbé lẹ́tà náà wá bá yín ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀?” Wọ́n wo ògiri níbi tí aago wà, wọ́n ní, “Mọ́kànlá ààbọ̀ dára.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá kò mọ ohun tí a gbé sílẹ̀ láti jẹ́ ìpè wọn, àfi bí a bá sọ fún wọn. Bí wọ́n bá sì ní kí n ṣe lẹ́tà náà lójú ẹsẹ̀, n ó ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ló yàn án. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì bọ́ sí wa lọ́wọ́. Orúkọ mẹ́wàá ló parí lọ́jọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ètè rẹ̀ bẹ́. N ò bi í bóyá ó lè dúró di agogo mọ́kànlá. Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo di ètè rẹ̀ mú, mo pe ìyá rẹ̀, mo sì bá wọn dé ilé ìwòsàn. Orúkọ mẹ́rin péré ni mo yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, kò sì dùn mí rárá. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ṣe mẹ́wàá mìíràn. Ó wá di méjìlélọ́gbọ̀n. Mo parí mẹ́rìnlá tó kù ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e.

Nínú ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta yìí, mo rí méje tí ìwé wọn kò bára mu. Márùn-ún jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà orúkọ, méjì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí. Mo pe òbí àwọn méjèèje. Gbogbo wọn ló tún un ṣe kí orúkọ tó pa. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan, nítorí pé wàhálà tí kò ṣẹlẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹnìkan lè takò mí níbí. Ó lè sọ pé ìgbéraga ni kí akọ̀wé jókòó kí ó máa pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kò ṣe kókó. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní ọjà Ibafo láti wá gba rìsíìtì kò ṣeré wá. Wákàtí kan tí mo bá dá a dúró, owó ló ń sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà. Nítorí náà ni mo fi máa ń béèrè dípò kí n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí òun ní òun kò lè dúró, mo kọ rìsíìtì fún un láàárín ìṣẹ́jú méjì, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi, mo tún ka orúkọ tí mo wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo sọ kọ́ ni pé ẹni tó wà níwájú wa kò já mọ́ nǹkan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò sí níwájú wa náà jẹ́ ènìyàn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ aago, tó di ọ̀rọ̀ ìwà. Àkókò òṣìṣẹ́ dà bí oúnjẹ tí a fẹ́ pín fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Bí a bá ń bu fún ẹni tó bá pariwo nìkan, ebi yóò pa ọmọ jẹ́jẹ́. Ọmọkùnrin tí mo ba ọjọ́ ìbí rẹ̀ jẹ́ kò lè wá síwájú tábìlì mi lọ́jọ́ náà láti sọ pé, “Àǹtí, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o, èmi ni.” Ìyà tí yóò jẹ ẹ́ ṣì wà níwájú, kò sì mọ̀. Èmi nìkan ló lè gbẹnu sọ fún un, mo sì fi ẹnu náà ránṣẹ́ lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Títí di òní, mo ṣì ń lé eku nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ọkọ̀ bá há láti Ibafo dé Mowe tí gbogbo òbí sì ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí wákàtí kankan tí mo lè yà sọ́tọ̀. N kì í tan ara mi. Mo máa ń kọ orúkọ tí n kò tíì yẹ̀ wò sórí ìwé kékeré kan, mo sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà kí n tó lọ sílé, kí ó lè jẹ́ òun ni n ó kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ Ajé. Ìwé kékeré náà kò lè pariwo, ṣùgbọ́n ojú mi kò ní kọjá rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí akọ̀wé ilé ìwé yín bá gbé ìwé kan síwájú yín pé kí ẹ yẹ orúkọ yín wò kí ẹ fọwọ́ sí i, bí agogo oúnjẹ tilẹ̀ ń lù, ẹ jókòó. Ẹ ka orúkọ yín lẹ́tà sí lẹ́tà, kí ẹ sì ka ọjọ́ ìbí yín lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e. Oúnjẹ yóò dúró dè yín.